Omi Tó Ń Tutù, Òkúta Tó Ń Fì: Bí Àṣìṣe Ṣe Ń Dàgbà Nínú Ìṣirò Ẹlẹ́sẹẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ òfin tó ń darí ayé kì í sọ ibi tí nǹkan yóò wà lọ́la. Bí nǹkan náà ṣe ń yára yí padà níbi tó wà báyìí ni wọ́n ń sọ. Gbé ife omi gbígbóná kan sórí tábìlì. Òfin tí Isaac Newton kọ jáde ní 1701 kò sọ bí omi náà yóò ti gbóná tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ohun tó sọ ni pé bí omi bá ṣe gbóná ju yàrá lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yára tutù tó. Bí ìyàtọ̀ wọn bá sì ti ń dín kù, ìyára náà yóò máa dín kù. Tí a bá fi àmì ìṣirò kọ irú òfin báyìí sílẹ̀, ohun tí a ní lọ́wọ́ ni ìdọ́gba ìyípadà. Bí òkúta ṣe ń já bọ́, bí àrùn ṣe ń ràn káàkiri ìlú, bí ayé ṣe ń yí oòrùn po, irú ìdọ́gba yìí náà la fi ń kọ gbogbo wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyára la mọ̀, ibi tí nǹkan yóò dé la sì ń wá. Àwọn onímọ̀ ìṣirò lè fi ọgbọ́n kálíkúlọ́ọ̀sì tú díẹ̀ nínú àwọn ìdọ́gba yìí kí wọ́n sì rí ìdáhùn gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí a máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: wo ìyára tó wà báyìí, fi í rìn díẹ̀, dúró, tún ìyára wò, tún rìn. Àṣìṣe wà nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyára náà kò dúró lójú kan nígbà tí a ń rìn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé ni bí àwọn àṣìṣe kéékèèké wọ̀nyẹn ṣe ń kó ara wọn jọ: kí ló mú kí wọ́n pọ̀ lápọ̀jù lábẹ́ ọ̀nà kan, tí wọ́n sì kéré débi pé agbára káká la fi ń rí wọn lábẹ́ òmíràn?

Leonhard Euler, ọmọ ìlú Básẹ̀lì ní Swítsálándì, ló gbé ọ̀nà tó rọrùn jù lọ kalẹ̀, nínú ìwé ńlá kan lórí kálíkúlọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ̀ ní Sẹ́ńtì Pításíbọ̀gì, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ní 1768. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Wo ìyára ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣísẹ̀, gbà pé ìyára yẹn kò ní yí padà títí ìṣísẹ̀ yóò fi parí, kí o sì rìn.

Jẹ́ kí a fi omi wa ṣe é. Yàrá wà ní dígírì 30, omi bẹ̀rẹ̀ ní dígírì 90, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ 60. Ká sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyàtọ̀ tó bá wà ní àkókò kan ni ìyára tí omi fi ń tutù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yìí nìkan la ó máa ṣírò. Bí o bá fi 30 kún un, o ti rí ìwọ̀n ooru omi náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ife omi nítorí ó wà lára àwọn díẹ̀ tí a mọ ìdáhùn wọn gan-an: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ 36.39, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, yóò jẹ́ 22.07. Òótọ́ wà nílẹ̀ tí a lè fi díwọ̀n àṣìṣe.

Tí a bá fi ìṣísẹ̀ oníṣẹ́jú 5 rìn lọ́nà Euler, ìyára ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ dígírì 6 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 5 yóò wá mú 30 lọ, yóò ku 30. Òótọ́ ni 36.39, nítorí náà a ti fi dígírì mẹ́fà àti díẹ̀ ṣìnà nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó fà á hàn kedere. Dígírì 6 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ òótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́jú 5 bá fi máa pé, ìyára tòótọ́ ti lọ sílẹ̀ sí 3.64. Euler lo ìyára tó ga jù yẹn jálẹ̀ ọ̀nà, omi rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣísẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ láti 30 tí kò tọ̀nà yẹn: ìyára rẹ̀ jẹ́ 3, ó mú 15 lọ, ó ku 15. Òótọ́ ni 22.07. Àṣìṣe ti di 7.07.

Nǹkan bí ọgọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ kọjá kí ọ̀nà kejì tó jáde. Carl Runge, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, tẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1895. Karl Heun tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ ní 1900, Wilhelm Kutta sì gbé irú èyí tí gbogbo ayé ń lò títí dòní kalẹ̀ ní 1901. Ọwọ́ làwọn èèyàn fi ń ṣírò lákòókò náà, iye ìgbà tí èèyàn ní láti ṣírò ìyára sì jẹ́ iṣẹ́ gidi. Bí Euler bá dà bí arìnrìn-àjò tó wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ní oríta tó sì dijú rìn dé oríta kejì, Runge àti Kutta máa ń rán amí síwájú ná: ẹ̀ẹ̀mejì dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan dé òpin rẹ̀. Ìgbà tí amí bá jíṣẹ́ tán ni wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ó yẹ kí a rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Ìṣẹ́jú 5 kan náà, ìyàtọ̀ 60 kan náà. Ìyára àkọ́kọ́ ni ti ìbẹ̀rẹ̀, dígírì 6 ní ìṣẹ́jú kan, gẹ́gẹ́ bíi ti Euler. A fi ìyára yìí rìn dé ìdajì péré, ìyẹn ìṣẹ́jú 2.5, a sì bá ìyàtọ̀ 45 níbẹ̀. Ìyára ibẹ̀ jẹ́ 4.5. Ìyẹn ni ìyára kejì. Ẹ kíyè sí ohun tó kàn yìí: a kò tẹ̀ síwájú láti 45 yẹn. A padà sí 60, a tún rìn dé ìdajì, ṣùgbọ́n ìyára 4.5 la fi rìn lọ́tẹ̀ yìí. A bá 48.75 níbẹ̀, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 4.875, ìyára kẹta nìyẹn. A tún padà sí 60, a fi 4.875 rìn gbogbo ìṣẹ́jú 5 tán, a bá 35.625, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 3.5625. Ìyára kẹrin nìyẹn.

Ìyára mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ wa báyìí fún ọ̀nà kan ṣoṣo. A ó pò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dọ́gba: àwọn méjì tó ti àárín wá ni a ó kà lẹ́ẹ̀mejì-méjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. 6 àti 9 àti 9.75 àti 3.5625 jẹ́ 28.3125, tí a bá pín in sí 6, a ó rí 4.71875. Ìyẹn ni ìyára tí a ó wá fi gbé ẹsẹ̀ gidi láti 60. Ìṣẹ́jú 5 yóò mú 23.59 lọ, yóò sì ku 36.41. Òótọ́ ni 36.39. Àṣìṣe Euler ju dígírì 6 lọ. Àṣìṣe èyí jẹ́ 0.014, ohun tí tẹmómítà ilé kò tilẹ̀ lè rí. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kejì, ní ìṣẹ́jú 10, ó bọ́ sí 22.0903 níbi tí òótọ́ ti jẹ́ 22.0728, àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 0.0175.

Ẹnì kan lè sọ pé ìyànjẹ ni mo ṣe. Runge àti Kutta ṣírò ìyára lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú 10, Euler ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Euler náà ṣiṣẹ́ mẹ́jọ, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 1.25. Ó bọ́ sí 20.62, àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 1.46. Iṣẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ àṣìṣe tirẹ̀ ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po 80 àti díẹ̀. Tí a bá fẹ́ kí Euler tọ́ tó ìṣirò mẹ́jọ yẹn, yóò gbé tó ìṣísẹ̀ 630.

Ohun tó wà nídìí èyí rọrùn láti lóye bí a bá ń gé ìṣísẹ̀ sí ìdajì léraléra tí a sì ń wo àṣìṣe ní ìṣẹ́jú 10. Fún Euler, ìṣísẹ̀ oníṣẹ́jú 5 ṣìnà pẹ̀lú 7.07. Gé e sí 2.5, ó di 3.09. Gé e sí 1.25, ó di 1.46. Tún gé e sí 0.625, ó di 0.71. Ìdajì ń bí ìdajì. Fún Runge àti Kutta, ìṣísẹ̀ oníṣẹ́jú 5 ṣìnà pẹ̀lú 0.0175, 2.5 ṣìnà pẹ̀lú 0.0009; 1.25 pẹ̀lú 0.00005. Bí ìṣísẹ̀ ti ń di ìdajì, àṣìṣe ń di nǹkan bí ìdá kan nínú 16, àní ó dára díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìṣísẹ̀ ṣì gùn. Ìlọ́po méjì, lọ́nà mẹ́rin, ni 16, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀nà onípele kẹrin. Euler jẹ́ onípele kìíní.

Ibo ni ìpele yìí ti wá? Nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, ohun tí Euler gbójú fò ni bí ìyára fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà, ohun náà sì ń bá ìlọ́po ara gígùn ìṣísẹ̀ rìn: gé ìṣísẹ̀ sí ìdajì, àṣìṣe inú ìṣísẹ̀ kan yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣísẹ̀ bá di ìdajì, iye ìṣísẹ̀ tí a ó gbé kí a tó dé ìṣẹ́jú 10 di ìlọ́po méjì. Ìdá mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ ìdajì. Gbogbo ìpele ló ń san owó orí yẹn. Àwọn ìwọ̀n tí Kutta yàn fún ìyára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan, méjì, méjì, ẹyọ kan, ni ó jẹ́ kí àṣìṣe tó tóbi jù, èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìṣísẹ̀ kan ń di ìdá kan nínú 32 tí a bá gé e sí ìdajì. Ìṣísẹ̀ tó di ìlọ́po méjì sì sọ ọ́ di ìdá kan nínú 16. Tí a bá wá fẹ́ kí àṣìṣe wa kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù dígírì kan, 80 ìgbà péré ni Runge àti Kutta yóò ṣírò ìyára. Euler yóò ṣírò rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ.

Síbẹ̀, omi tó ń tutù ń ṣàánú oníṣirò. Wo ìṣísẹ̀ oníṣẹ́jú 5 ti Euler bí àkókò ti ń lọ: àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 7.07 ní ìṣẹ́jú 10, ó di 5.89 ní ìṣẹ́jú 15, ó sì ku nǹkan bí 2 péré ní ìṣẹ́jú 30. Àṣìṣe náà ń kú fúnra rẹ̀. Omi òótọ́ àti omi àṣìṣe, ooru yàrá ni àwọn méjèèjì ń lọ bá, wọn yóò sì pàdé níbẹ̀ dandan. Ìdọ́gba náà fúnra rẹ̀ ló ń nu àṣìṣe àtijọ́ kúrò. Ẹni tó bá fi irú ìdọ́gba yìí nìkan dán Euler wò yóò rò pé kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí kì í gbàgbé. So òkúta kékeré kan mọ́ okùn tó gùn tó mítà kan, fà á sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí o sì fi í sílẹ̀ kó máa fì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni yóò fi lọ tí yóò sì bọ̀. Ká gbà pé atẹ́gùn kò dí i lọ́wọ́: agbára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, kò sì gbọ́dọ̀ dín kù, sẹ̀ǹtímítà 2 ni yóò sì máa fì dé títí láé. Nǹkan méjì la ó máa tẹ̀ lé: ibi tó wà, tí a pè ní `x`, àti ìyára tó fi ń lọ, tí a pè ní `v`. Ká má bàa kó nọ́ńbà tó díjú jọ, a ó wọn àkókò lọ́nà tí fífì kan yóò fi jẹ́ 6.28. Ìṣísẹ̀ 0.1 wá túmọ̀ sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ 63 nínú fífì kan, èyí tí ojú lè rí bí ohun tó kéré púpọ̀. Euler fún fífì mẹ́wàá kò ju èyí lọ:

```python
x, v, h = 1.0, 0.0, 0.1
for i in range(628):
    x, v = x + h*v, v - h*x
print(x*x + v*v)
```

Nọ́ńbà tí ìlà tó kẹ́yìn ń tẹ̀ jáde dúró fún agbára òkúta náà. 1 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, 1 ló sì yẹ kó jẹ́. Ohun tó jáde jẹ́ nǹkan bí 517. Tí a bá sọ ọ́ di ti òkúta orí okùn, sẹ̀ǹtímítà 2 ti di 45 láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá, láìsí ẹni tó tì í. Euler ti dá agbára tí kò sí níbì kankan sílẹ̀.

Ẹ lè fi bébà àti pẹ́ńsù rí ìdí rẹ̀. Ya ìlà kan tó dùbúlẹ̀ fún `x`, kí o ya òmíràn tó dúró ṣánṣán fún `v`. Bí òkúta ti ń fì, àmì tó ń tọ́ka sí ibi tó wà àti ìyára rẹ̀ yóò máa rìn lórí ìlà róbótó kan yípo. Ìṣísẹ̀ Euler jẹ́ ìlà tààrà tó fara kan róbótó náà ní ojú kan ṣoṣo, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tó kù lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìta róbótó ló wà. Kò sí bí a ṣe lè rìn lórí rẹ̀ ká má jáde. Òfin Pythagoras sọ bí a ti jáde tó: tí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ 0.1, ìlọ́po ara ìjìnnà wa sí àárín gbùngbùn yóò di ìlọ́po 1.01 nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà gbogbo ni àṣìṣe náà ń kọjú sí ìta, kì í yí padà sí inú láti pa ara rẹ̀ rẹ́, ìṣísẹ̀ tó kàn sì ń sọ èyí tó ti wà nílẹ̀ di púpọ̀. Fi 1.01 pọ̀ ara rẹ̀ lọ́nà 628, 517 ni. Ayé tó ń yí oòrùn po yóò ṣe bákan náà lọ́wọ́ Euler: ọ̀nà rẹ̀ kò ní pàdé ara rẹ̀, yóò máa lọ́ jáde kúrò lọ́dọ̀ oòrùn.

Bí a bá tún fún Euler ní iṣẹ́ tó dọ́gba, kó gbé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí 0.025, sẹ̀ǹtímítà 2 yóò ṣì di 4.4 lẹ́yìn fífì mẹ́wàá. Runge àti Kutta, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 0.1, kò pàdánù tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìlímítà kan nínú ibi tí òkúta náà ń fì dé.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà, pàdánù, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀nà onípele kẹrin kò mọ́ pátápátá. Nínú òkúta tó ń fì yìí, ńṣe ló ń jalè díẹ̀díẹ̀: nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù agbára náà ń nù. Fífì mẹ́wàá kò lè fi í hàn. Mílíọ̀nù kan fífì, tó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 23 fún òkúta wa, yóò fi í hàn gbangba: agbára tó ṣẹ́ kù kò ní ju ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tẹ̀ lé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì fún mílíọ̀nù ọdún kì í gbára lé e, wọ́n máa ń wá ọ̀nà tó ń tọ́jú agbára. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe lè sún mọ́ Euler tó. Pín ìlà kan yẹn sí méjì, tún `v` ṣe ná, kí o wá fi `v` tuntun tún `x` ṣe:

```python
    v = v - h*x
    x = x + h*v
```

Ó ṣì jẹ́ onípele kìíní, àṣìṣe rẹ̀ ṣì ń di ìdajì péré nígbà tí ìṣísẹ̀ bá di ìdajì. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 0.1, agbára òkúta náà yóò máa lọ sókè sódò láàárín nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní kọjá ibẹ̀, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù fífì. Ìpele ń sọ bí àṣìṣe yóò ṣe dín kù bí ìṣísẹ̀ bá ń kúrú. Kò sọ ibi tí àṣìṣe yóò kọjú sí bí àkókò bá ń gùn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ibòmíràn tún wà tí ìpele gíga kì í gbani. Ẹ padà sí ife omi, kí ẹ fi ìṣísẹ̀ oníṣẹ́jú 25 rìn lọ́nà Euler. Ìyára 6 lọ́nà 25 jẹ́ 150, ìyàtọ̀ 60 sì di 90 lábẹ́ òdo: omi tó wà nínú yàrá gbígbóná ti dì, ó ti lọ sí dígírì 60 lábẹ́ òdo. Ìṣísẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò gbé ìyàtọ̀ náà lọ sí 135 lókè. Láti ìgbà tí ìṣísẹ̀ bá ti ju ìṣẹ́jú 20 lọ ni ìṣirò náà ti ń bú gbàù. Ààlà ti Runge àti Kutta kò jìnnà síyẹn rárá: ó wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 27.9. Ní ìṣẹ́jú 30, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po 1.375 dípò kó dín in kù. Ọ̀nà méjèèjì ní láti fi ìṣísẹ̀ wọn sí abẹ́ ohun tó ń yára yí padà jù lọ nínú ìdọ́gba, kódà bí ohun náà bá ti parẹ́ tipẹ́.

Nínú iṣẹ́ gidi, kò sí 22.07 tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ fún wa. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé a kò ṣìnà? Ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan, ìdajì rẹ̀, àti ìdajì ìdajì rẹ̀, kí o wo bí ìdáhùn ṣe ń rìn. Euler wa lọ láti 15.00 sí 18.98, sí 20.62, sí 21.36. Àlàfo wọn jẹ́ 3.98, 1.63, 0.75. Bí a bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e, a ó rí 2.4 àti 2.2, ó ń lọ sí 2. Ìyẹn ni àmì ìpele kìíní, a sì rí i láìwo ìdáhùn tòótọ́. Àlàfo ti Runge àti Kutta gbọ́dọ̀ máa lọ sí 16. Tí ẹni tó kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà bá rí 2 tàbí 4, àṣìṣe ìkọ̀wé wà níbì kan. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ó lo aago ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ìyára àárín, nígbà tó yẹ kó lo aago ìdajì ọ̀nà. Ó tún lè jẹ́ pé ó tẹ̀ síwájú láti ibi tí amí dé, dípò kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jọ òótọ́ gan-an lójú. 16 tó sọnù nìkan ló ń tú u fó.

Nígbà míì, ìwé náà tọ́, 16 ṣì sọnù. Ká sọ pé ẹnì kan tan fáànù sí omi wa ní ìṣẹ́jú 4, tí ìdá tó ń tutù fi fò láti ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣísẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2.5 tó sì parí ní ìṣẹ́jú 5 yóò gba ìyára díẹ̀ láti ìgbà tí fáànù kò tíì tàn, yóò gba ìyókù láti ìgbà tó ti tàn, yóò sì pò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí Kutta ṣe fún ìyára tó ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìparẹ́ tí àwọn ìwọ̀n náà wà fún kò ní ṣẹlẹ̀, àṣìṣe ìṣísẹ̀ kan yẹn yóò sì bo gbogbo ohun dáadáa tí àwọn ìyókù ṣe. Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba ju pé kí ìṣísẹ̀ kan parí ní ìṣẹ́jú 4 gẹ́lẹ́, kí èyí tó kàn sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìyára tuntun; nígbà náà ni 16 yóò padà wá.